Abẹ́rẹ́ ikùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ẹ má fọwọ́ ra ojú ẹ̀ o

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó mi, wọ́n wá ní kí n máa gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ikùn lálaalẹ́. Nọ́ọ̀sì ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ ra ibẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá gún un tán, ṣùgbọ́n ó máa ń ta á gan-an, ibẹ̀ sì ti ń dúdú. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ bá mi kí ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Èmi ni mo gún màámi ní irú abẹ́rẹ́ yìí nílé nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún wọn, ẹnọsapárínì lorúkọ ẹ̀, èyí tí wọ́n ti rọ sínú sírínjì kékeré láti ilé iṣẹ́, 40 mílígíráàmù nínú 0.4 mílílítà. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yín sọ, ẹ má ra á rárá. Àmọ́ ohun tí mo rí ni pé títa tó ń mú kéèyàn fẹ́ ra ibẹ̀ yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, tẹ́ ẹ bá tún bẹ́ ẹ ṣe ń gún un ṣe, títa yẹn á dín kù, ọwọ́ ò sì ní máa yá wọn láti ra ibẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ. Inú ọ̀rá ikùn ni oògùn yẹn ń dúró sí, ibẹ̀ ló ti ń rọra wọnú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kọjá lọ, kò sí bí kò ṣe ní dá òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn kan tàbí méjì lu. Lára ẹni tí ò lo nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á dì, ihò á dí, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí gan-an lẹ ti fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yìí, kò lè yá bó ṣe máa ń yá. Tẹ́ ẹ bá wá ra á, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dí á tún ṣí, ẹ̀jẹ̀ á máa jò, ọwọ́ yín á sì máa tì í káàkiri inú ọ̀rá, bí ìgbà tí tàdáwà kán sórí aṣọ tẹ́nì kan wá ń nù ún síwá sẹ́yìn. Ohun tí ì bá jẹ́ àmì kékeré bí orí ìṣó á wá di dúdú tó fẹ̀.

Mo fojú ara mi rí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò sí nílé, àbúrò mi ló bá mi gún màámi, apá òsì ló gún, ó ti oògùn yẹn wọlé wàrà, bó sì ṣe yọ abẹ́rẹ́ ló mú òwú tó ti rẹ sínú sípírítì, ó fi ń ra ibẹ̀ yípo yípo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ìdí, kò ní in lọ́kàn láti ṣe ibi, bó ṣe mọ abẹ́rẹ́ sí nìyẹn. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, dúdú apá òsì yẹn ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dùn wọ́n tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Apá ọ̀tún tí mo gún lálẹ́ tó ṣáájú, àmì pupa kékeré kan péré ló wà níbẹ̀. Ara kan náà, oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà o.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa fọ ọwọ́ mi, màámi á fẹ̀yìn tì díẹ̀ kí ikùn wọn lè dẹ̀. Mo máa nu ibẹ̀, màá sì dúró kí sípírítì yẹn gbẹ dáadáa, nítorí tó bá tutù tí abẹ́rẹ́ bá fà á wọlé, títa yẹn á kúrò ní kékeré, púpọ̀ nínú ohun táwọn èèyàn ń pè ní oró oògùn, sípírítì ni. Ẹ máa wo inú sírínjì yẹn, ẹ máa rí afẹ́fẹ́ kékeré kan tó ń léfòó, ẹ má tì í jáde o. Tẹ́ ẹ bá dojú abẹ́rẹ́ kọ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á gòkè lọ sẹ́yìn, òun ló máa wọlé kẹ́yìn, òun ló máa ti oògùn tó kù wọlé tán tí kò fi ní ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà. (Sírínjì tẹ́ ẹ máa lo tán pátá ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ dín in kù, ẹ máa ní láti ti àjẹṣẹ́kù jáde kẹ́ ẹ tó gún un, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ìyẹn hàn yín lójúkojú.) Tí ẹ̀kán oògùn kan bá rọ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n dà nù, ẹ má fi nǹkan kan nu abẹ́rẹ́ yẹn, nítorí tí ẹ̀kán yẹn bá bá a gba inú awọ kọjá, ibẹ̀ ló ti máa ń ta tó sì máa ń dúdú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì gbá awọ ikùn jọ kó ga dáadáa, ọ̀rá ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe awọ fẹ́lẹ́ lásán. Ẹ gún abẹ́rẹ́ wọlé ní ìdúró ṣánṣán, gbogbo ẹ̀ kó wọlé tán, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fà á sẹ́yìn láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ máa jáde. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù rèé: ẹ rọra tì í, kó tó bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí oògùn tó tán. Ó gùn lójú ẹni tó ń gún un, mo mọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tì í wàrà, ńṣe lẹ̀ ń fi agbára ya ọ̀rá yẹn sọ́tọ̀, ìyẹn ló máa ń ta wọ́n. Tó bá tán, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí i, ẹ ṣì di awọ yẹn mú o, kẹ́ ẹ wá yọ abẹ́rẹ́ bó ṣe wọlé, ní tààrà, lẹ́yìn náà lẹ tó máa tú awọ sílẹ̀. Lára sírínjì mìíràn, tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ kọ ibòmíì tẹ́ ẹ sì tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an, ìbòrí kan á yọ bo abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ sọ ọ́ sínú ike líle tó ní ìdérí, ẹ má jù ú sínú pàǹtírí lásán.

Ó wá ku ọwọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ mú òwú tó gbẹ, ẹ gbé e lé ibẹ̀, ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láì mì ín, bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ gbé e kúrò ní òkè gan-an, ẹ má fà á. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá yọ, ẹ má fi nǹkan kan kàn án. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọwọ́ aláìsàn fúnra ẹ̀ o, nítorí ọwọ́ màámi ló fún mi níṣẹ́ jù, wọ́n lè máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ kí ọwọ́ wọn ti dé ikùn tó ń ra á, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Kí n tó gún wọn ni mo máa ń kó táwẹ́ẹ̀lì fún wọn kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọn ò ní gbé e sílẹ̀ àfi tí títa yẹn bá lọ, kì í sì í pẹ́ lọ. Tí ìyàwó yín náà bá ní kò rọ̀ òun lọ́rùn, ẹ lè fi aṣọ wé omi dídì, kẹ́ ẹ kàn gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má fi ra á. Ìgbánú síkẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì tí wọ́n máa ń dì mọ́ ikùn lẹ́yìn ìbímọ àti kànìnkànìn tí wọ́n fi ń wẹ̀, gbogbo wọn ló lè ra ibẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu ẹ̀, ẹ máa ṣọ́ wọn.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa gún, nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un, ẹ jìnnà sí ojú ọgbẹ́ yẹn. Ẹ jìnnà sí ìdodo pẹ̀lú, ó kéré tán sẹ́ńtímítà 5, ẹ̀gbẹ́ ikùn níbi tí ọ̀rá pọ̀ sí ló dáa. Ọ̀tún lónìí, òsì lọ́la, ẹ má sì gún ojú tó ti dúdú tàbí tó le. Mo máa ń kọ ọjọ́ àti ẹ̀gbẹ́ tí mo gún sára bébà kan lára páálí oògùn, nítorí èèyàn á gbàgbé.

Dúdú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ mú báírò, ẹ fà á yí etí ẹ̀ ká lórí awọ jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Tí kò bá kọjá ìlà, tó ń yí kúrò ní dúdú sí àwọ̀ ewé àti ìyeyè, ó ń lọ nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ń kọjá ìlà, tó ń le bí kókó, tó gbóná tàbí tó ń dùn ún sí i, ẹ pe àwọn tó fún un ní oògùn kẹ́ ẹ tó gún òmíì. Bákan náà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní èrìgì tàbí imú tí kò dá, tí ìtọ̀ bá pupa, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń rí lẹ́yìn ìbímọ bá ṣàdédé pọ̀, tàbí tó bá ṣubú forí gbá nǹkan, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ọ, ẹ má ra asipirín tàbí ibuprófẹ́ẹ̀nì fún un fúnra yín, àwọn yẹn náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jò, ẹ bi dókítà èyí tó lè lò.

Lálẹ́ òní, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò dúdú, ẹ rọra tì í, kẹ́ ẹ bá mi wo ojú ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ padà wá sọ bó ṣe rí fún wa.