Ṣé ọṣẹ ìfọyín lè mú ara eyín tó ti jẹ hù padà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ eyín láràárọ̀ kó lè funfun. Ní báyìí, eyín iwájú ti pọ́n rúsúrúsú lẹ́bàá erìgì, omi tútù sì ń kan mí léyín. Ẹni kan ní Bódìjà ní kí n ra ọṣẹ ìfọyín kan, ₦8,500, pé ibi tó jẹ yóò hù padà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrora, ìyá wa. Ẹ má rà á o. Ibi tó ti lọ kò ní í hù mọ́, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Awọ líle tó bo eyín là ń pè ní ẹnámẹ́ẹ̀lì. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, nǹkan bíi 96 ló jẹ́ èròjà líle bí òkúta tí à ń pè ní haidirọsiapatáìtì, èyí tí kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì para pọ̀ dà. Ẹ fojú inú wo ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì dáadáa, tí wọ́n wá nàró. Bí ẹyọ ọwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fara ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá tín-ín-tín-ín ṣe tò ti ara wọn nínú ẹnámẹ́ẹ̀lì, láti inú eyín bọ̀ síta. Ọ̀pá mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò tíì fẹ̀ tó ẹyọ irun orí kan. Nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kírísítálì haidirọsiapatáìtì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ta ló tò wọ́n? Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí à ń pè ní amẹlobílásìtì ni, nígbà tí eyín ṣì wà nínú erìgì ọmọdé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú, wọ́n ń tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ síta, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lójúmọ́. Ibi tí ẹnámẹ́ẹ̀lì bá ti nípọn tó mìlímítà 2, iṣẹ́ bí 500 ọjọ́ ni. Bí iṣẹ́ bá parí, orí eyín lóde gan-an ni wọ́n wà, nígbà tí eyín bá sì yọ, wọ́n ti tán. Egungun apá tó kán máa ń jinná nítorí pé àwọn tó ń mọ ọ́n ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ẹnámẹ́ẹ̀lì kò ní ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Zhejiang ní Ṣáínà rí díẹ̀ mú hù lórí eyín nínú ilé àyẹ̀wò, àmọ́ èyí tó hù kò nípọn tó iṣẹ́ òòjọ́ kan amẹlobílásìtì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín rèé. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń yọ kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì kúrò lára kírísítálì, orí ẹnámẹ́ẹ̀lì á sì rọ̀. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ ni, itọ́ ì bá dá díẹ̀ padà, nítorí pé èròjà méjèèjì yìí wà nínú itọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ẹ fi ń ra á nígbà tó rọ̀ yẹn ló ń ha á dànù, kírísítálì àtọ̀pá. Ẹ̀bá erìgì sì ni ẹnámẹ́ẹ̀lì ti fẹ́lẹ́ jù. Àwọ̀ rúsúrúsú yẹn ni dẹ́ńtìnì, ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára òun, ibẹ̀ ni omi tútù ń gbà kan yín.

Ẹ fi òwú nu eyín gbẹ, kí ẹ wò ó nínú dígí lójú fèrèsé. Bí ẹ bá rí àpá funfun tuntun tí kò dán, tó dà bí ẹfun, ìyẹn ṣì ṣeé tọ́jú: àwọn ọ̀pá ṣì wà nídùúró, inú wọn ló ti ṣófo díẹ̀, itọ́ àti fúlóráìdì sì lè dí i. Èyí tó pọ́n tó sì jin ti lọ ní tirẹ̀. Dókítà eyín lè fi èròjà ìdíyín aláwọ̀ eyín bò ó, omi tútù kò sì ní í kan yín léyín mọ́.

Àwọn ọṣẹ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n po haidirọsiapatáìtì mọ́. Wọ́n lè dí ihò wẹ́wẹ́ yẹn kí eyín má kan mọ́, àmọ́ wọn kò lè to ọ̀pá. Ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú tó ní fúlóráìdì tó nǹkan bí 1450 ppm, bó ṣe máa ń wà lára páálí rẹ̀, ti tó yín. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ tu ìfófòó rẹ̀ dànù láìfi omi yọ ẹnu. Bí ẹ bá mu ohun kíkan, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan kí ẹ tó fọ eyín. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ yẹn, ẹ dá a padà sí ìdí ọbẹ̀ láti òní lọ.