Ẹ Má Pín Èrè Ọdún sí Méjìlá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé ni mò ń rán n'Íbàdàn. Mo jèrè ₦2,400,000 lọ́dún tó kọjá. Mo pín in sí méjìlá, ó já sí ₦200,000 lóṣù. Kí ló wá dé tí owó fi máa ń tán lọ́wọ́ mi tó bá di oṣù kẹjọ? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ọ́n ṣáájú?

Ìdáhùn: Pípín sí méjìlá yẹn gan-an ló ń tàn yín jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùdámọ̀ràn okòwò ló ń kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀, ó sì ń bí mi nínú, torí òun ló ń lé oníṣòwò tó ń jèrè lọ sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù. Èrè ò sọ ọjọ́ tí owó máa dé. Aṣọ tẹ́ ẹ gbé fún iléèwé lóṣù kẹsàn-án ti di èrè nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n kò tíì di owó títí àwọn òbí á fi san owó iléèwé.

Ẹ fa òpó méjìlá sínú ìwé, òpó kan fún oṣù kan. Ẹ kọ owó tó wà nílẹ̀ sókè. Owó tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sí oṣù tó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́, kì í ṣe oṣù tẹ́ ẹ rán aṣọ. Ẹ wo sítétímẹ́ǹtì báǹkì ti ọdún tó kọjá, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ wá yọ gbogbo owó tó ń jáde, títí kan èyí tẹ́ ẹ ń mú lọ sílé. Ohun tó kù ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan tó jọ tiyín wò ó. ₦700,000 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ìnáwó oṣooṣù sì jẹ́ ₦250,000. Aṣọ, bọ́tìnnì àti owó àwọn aránṣọ àfikún tún gba ₦900,000 lóṣù kẹfà, ₦1,500,000 lóṣù keje, ₦900,000 lóṣù kẹjọ. Ohun tó wọlé láàárín ìgbà náà ò ju ₦150,000, ₦150,000 àti ₦400,000 lọ. Oṣù kẹfà parí, owó fi ₦300,000 dín. Oṣù keje, ₦1,900,000. Oṣù kẹjọ, ₦2,650,000. Mílíọ̀nù kan wọlé lóṣù kẹsàn-án, àmọ́ oṣù kẹwàá tí iléèwé san mílíọ̀nù mẹ́ta ni owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣẹ́kù.

₦2,650,000, ibi tó jìn jù, ni iye tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe ₦300,000 tó kọ́kọ́ yọjú. Ẹ tún sún mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn sí oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ wò ó. Bí iléèwé bá pẹ́ báyìí, gbèsè tẹ́ ẹ ṣàdéhùn láti san tán lóṣù kẹwàá á dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ sì kọ èlé àti ojú owó gbèsè náà sínú òpó oṣù tẹ́ ẹ máa san wọ́n.

Ká ní ẹ ti ṣe ìwé yìí láti oṣù kejìlá, ẹ ṣì láyè láti bẹ iléèwé fún àsansílẹ̀. Bí wọ́n bá san mílíọ̀nù kan nínú mẹ́ta yẹn lóṣù keje, àìtó yín á dín sí ₦1,650,000. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í yá èèyàn lówó àyàfi tó bá ti fowó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn fóṣù bíi mélòó kan, nítorí náà ẹni tó dé lóṣù keje ti pẹ́.

Nọ́ńbà mi kì í ṣe tiyín o. Kí oníṣirò owó tó rí ìwé yín yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí gbèsè kankan. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tó wọlé gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tẹ́ ẹ retí, kẹ́ ẹ sì tún àwọn oṣù tó kù ṣe.