Àìrígbẹ́yà lásán àbí ìfun tó ń bínú?

Ìbéèrè: Dókítà ní àìrígbẹ́yà mi kì í ṣe lásán, ó ní Áí-Bí-Ẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìfun tó ń bínú, ni. Kí ló fi yàtọ̀?

Ìdáhùn: Inú rírun ni. Ẹni tó ní àìrígbẹ́yà lásán lè lo ọjọ́ mẹ́rin láì yàgbẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ á gan, inú á sì wú díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rírun kọ́ ni olórí ẹjọ́ rẹ̀. Ní ti Áí-Bí-Ẹ́ẹ̀sì, inú á máa run èèyàn ó kéré tán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, ìrora náà á sì bá ìgbẹ́ rìn: bó bá yàgbẹ́ tán, ó lè rọlẹ̀, ó sì lè le sí i. Iṣan ìfun ló ń mọ nǹkan lára jù. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ẹlòmíràn ò ní mọ̀ á dà bí ọ̀bẹ.

Ká ní ẹ lo oògùn mákírógọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ìgbẹ́ wá rọ̀, ẹ sì ń yà á lójoojúmọ́. Àìrígbẹ́yà lásán á ti tán níbẹ̀. Bí inú bá ṣì ń run yín bíi ti tẹ́lẹ̀, ìfun tó ń bínú ni mo máa fura sí. Èèpo àlìkámà tí wọ́n máa ń ní ká jẹ, (èmi ò fara mọ́ ọn rárá fún irú yín,) ó sábà máa ń dá kún inú wíwú.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń rù láìnídìí, tàbí tí ìrora ń jí yín lóru, ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò.