Dúdú kan náà, wíìgì kan náà: kí ló dé tí 27 kò yẹ mí?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀fà ni mò ń gbé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ra wíìgì tí nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ó yẹ òun gan-an, àmọ́ bí èmi bá dé e, ojú mi á ṣú bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ bákan náà la ṣe dúdú. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ohun tó wà lábẹ́ dúdú yẹn ni kó o wò. Dúdú ẹlòmíì fà mọ́ epo pupa. Ìyẹn làwa oníṣẹ́ irun ń pè ní wọ́ọ̀mù. Ti ẹlòmíì fà mọ́ aró. Ìyẹn ni kúùlù. 27 pọ́n bí oyin. Bó bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fà mọ́ aró, á dà bí ẹni pé wọ́n fi eérú ra ojú náà. Ó jọ pé kúùlù ni ọ́.

Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Fọjú láàárọ̀, má kun páúdà, kó o dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú díńgí. Fi aṣọ funfun báláú kan àgbọ̀n rẹ, lẹ́yìn náà kó o fi aṣọ kírímù kàn án. Bí funfun bá mú ojú rẹ mọ́, tí kírímù sì mú un dà bí èyí tí wọn ò fọ̀, kúùlù ni. Bó bá jẹ́ òdìkejì, wọ́ọ̀mù ni. Bó o bá ń lo ìpara tó ń bóra, àyà ni kó o wò, kì í ṣe ojú. Má sì ṣe é lábẹ́ iná. Mo ti fi nọ́ńbà 30, búráùn tó pọ́n, sórí oníbàárà kan rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkẹ́. Lábẹ́ iná funfun, ó rẹwà. Ìgbà tá a jáde síta la rí i pé ojú rẹ̀ ti ṣú.

Ẹyinjú ni mo máa ń wò tí aṣọ kò bá yanjú ọ̀rọ̀. Kọjú sí ìmọ́lẹ̀: bí ẹyinjú rẹ bá ń dán bí oyin, 27 àti 30 lè bá a mu. Bó bá dúdú ṣìnkìn, 1 tó dúdú kirikiri tàbí 99J tó pọ́n bí wáìnì ló máa gbé e yọ.

Má tíì gbé wíìgì yẹn sọnù. Fa fọ́nrán kan, kó o fi iná kàn án. Bó bá ń rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó jóná, tó sì rún di eérú, irun ènìyàn ni. Fi dáì dúdú 1B kun ìdí rẹ̀, ìwọ̀n oríkèé ìka méjì, kó o fọ̀ ọ́ nígbà tí páálí dáì náà bá ní kó o fọ̀ ọ́. Irun tó bá sún mọ́ ojú ló ń pinnu bí ojú ṣe máa rí, nítorí náà ìsàlẹ̀ lè pọ́n bó ṣe wù ú. Bí fọ́nrán náà bá yọ́, tó sì di kókó líle, dáì kò ní mú un. Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ.