Mowe sí Ọbáléndé: owó oṣù tí ọkọ̀ ń jẹ

"Mowe ni mò ń gbé. Iléeṣẹ́ kan ní Fikitóríà Áílàńdì fẹ́ máa san ₦200,000 fún mi lóṣù. Ilé ìwé kan tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ní òun á san ₦95,000. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?"

Ẹ kú ìrònú o. Bó ṣe rí fún mi gan-an nìyẹn lọ́dún 2023. Iṣẹ́ ₦65,000 wà ládùúgbò, mo kọ̀ ọ́, mo mú ti Áílàńdì tó jẹ́ ₦150,000. Oṣù márùn-ún ni mo lò níbẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, owó ọkọ̀ ṣì ṣeé gbé. Bí oṣù karùn-ún ọdún náà ṣe ń parí, ìjọba tuntun dé, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Ká tó ṣẹ́jú, Mowe sí Bẹ́gà ti di ₦600, Bẹ́gà sí Ọbáléndé ₦900, ₦300 ló kù tí màá fi dé ọ́fíìsì. ₦3,600 lálọ àtàbọ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ méjìlélógún sọ ọ́ di púpọ̀, ₦79,200 ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde, kò sẹ́ni tó ń jẹun nírú àkókò yẹn, nítorí náà ₦1,000 lójúmọ́ tún ń bọ́ sọ́wọ́ olóúnjẹ. Nígbà tí mo yọ gbogbo rẹ̀, ₦48,800 ló kù sí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo kọ̀ ì bá fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyẹn tún ni ọjọ́ tí ara dá o. Bí òjò bá rọ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, kọ̀ndọ́ tó gba ₦900 láàárọ̀ á máa pariwo l'Ọ́báléndé pé, "Bẹ́gà, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀! Ẹ mú ṣenji yín wọlé o!" Ojú fèrèsé làwọn kan sì ń gbà wọlé. Tírélà kan ṣubú ní Kárà láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá kọjá kí n tó dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì yọ owó ìpẹ́lẹ́yìn nínú owó oṣù mi.

Kẹ́ ẹ tó fèsì, ẹ dán ìrìn náà wò. Ẹ jáde nílé láàárọ̀ Mọ́ńdè bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, lọ́jọ́ mìíràn kẹ́ ẹ kúrò ní Áílàńdì láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Ẹ kọ gbogbo owó tẹ́ ẹ bá san sílẹ̀, torí owó tòní ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣírò, kì í ṣe tèmi. Tó bá jẹ́ pé ẹ lè ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, ìṣirò náà yí padà pátápátá.

Ẹ tún bi iléeṣẹ́ náà bóyá wọ́n ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Èmi ò bi àwọn tèmi. Ọjọ́ tí mo mú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ ni ẹnì kan sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ń já àwọn kan sí Bẹ́gà lálaalẹ́.