Gbà-má-bínú kì í ṣe owó ìtanràn

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo gbọ́ lórí rédíò pé owó ìtanràn tí orílẹ̀-èdè tó jẹ̀bi ń san fún orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ń pè ní gbà-má-bínú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ iye rẹ̀?"

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ da ọ̀rọ̀ tí kò jọra pọ̀, kì í sì í ṣe òun ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyà ni ìtanràn jẹ́. Ìjọba ló ń gbà á lọ́wọ́ arúfin, kò sì wo iye ohun tí ẹni tí a ṣẹ̀ pàdánù. Láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, àtúnṣe ni òfin ń wá. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé àtijọ́ ti là á sílẹ̀ ní 1928, nínú ẹjọ́ Jámánì àti Pólándì lórí ilé iṣẹ́ Chorzów, pé kí àtúnṣe náà pa gbogbo ohun tí àìtọ́ náà fà rẹ́ bí ó bá ti ṣeé ṣe tó, kí nǹkan rí bí ì bá ṣe rí ká ní kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ewúrẹ́ aládùúgbò wọ oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Baálé kò fetí sí ẹ̀bẹ̀ kankan títí tí wọ́n fi mú un dé oko, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láàárín ebè, tó ka èyí tó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì díye lé e. Ìgbà tí owó jáde tán ni olówó ewúrẹ́ tó dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń pè ní gbà-má-bínú. Owó ebè kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Dídí ihò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin àgbáyé: bí ohun tí wọ́n gbà bá ṣì wà, kí wọ́n dá a padà, bí kò bá ṣeé dá padà, kí wọ́n san owó rẹ̀, ohun tí owó kò lè díwọ̀n, irú bí àbùkù tó bá orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń fi jíjẹ́wọ́ ẹ̀bi tàbí títọrọ àforíjì tún ṣe.

Ní ti iye owó, ẹjọ́ Ahmadou Sadio Diallo ni kí ẹ wò. Oníṣòwò ọmọ Gínì ni, ó ti pẹ́ gan-an ní Kóńgò, ó sì ń lépa gbèsè tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ epo jẹ àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ní Kinshasa ní November 1995, ó lo ọjọ́ 66 léraléra níbẹ̀. Wọ́n tún mú un ní January 1996, wọ́n sì lé e jáde nílùú ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Gínì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé, ní 2010 ni ilé-ẹjọ́ náà sì dá Kóńgò lẹ́bi. Ọjọ́ tí ènìyàn ti lò lẹ́wọ̀n kò ṣeé dá padà, nítorí náà owó ló kù. Wọ́n fún orílẹ̀-èdè méjèèjì ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye, ṣùgbọ́n wọn kò lè fẹnu kò.

Gínì béèrè ohun tó ju mílíọ̀nù 11 dọ́là lọ. Nínú rẹ̀ ni 80,000 dọ́là wà fún owó iṣẹ́ tí Diallo pàdánù nígbà tó wà ní àtìmọ́lé, wọ́n ní 25,000 dọ́là ló ń gbà lóṣù. Kò sí ìwé tó fi hàn pé ó gba iye bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá ìwé kan wà láti July 1995 tó pe ọkùnrin yìí ní aláìní, èyí tó gbà kí ó má baà san owó kóòtù. Ilé-ẹjọ́ kò fún un ní kọ́bọ̀ lórí èyí. Gínì tún ka àwọn ohun olówó iyebíye mọ́ ẹrù rẹ̀ tó ṣòfò, títí kan aago tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ẹrù tí wọ́n ṣe nílé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e lọ kò ní aago bẹ́ẹ̀ nínú. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, torí ó hàn pé lílé tí wọ́n lé e ti kó ìnáwó tàbí àdánù bá a lórí ẹrù ilé náà. Wọ́n fi òye ohun tó tọ́ gé e sí 10,000 dọ́là. Àdánù àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀, tó ga jù nínú ohun tó dùn ún, kò sí lórí tábìlì rárá, nítorí pé láti 2007 ni wọ́n ti sọ pé Gínì kò lè jà fún ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Kóńgò.

Ìrora ọkàn àti orúkọ rere tó bàjẹ́ ni wọ́n san 85,000 dọ́là fún, nígbà tí Gínì béèrè 250,000, tí Kóńgò ní 30,000 tó. Ibí yìí ni àwọn kan máa ti sọ pé gbà-má-bínú nìyẹn. Mi ò gbà. Ara ènìyàn ni ìpalára náà ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì wo gígùn àtìmọ́lé náà, wọ́n wo pé kò bófin mu, wọ́n wo bó ṣe so mọ́ gbèsè tó ń lépa, kí wọ́n tó díye lé e, gẹ́gẹ́ bí baálé ṣe ka ebè. Ìdájọ́ 2010 tó kéde pé Kóńgò jẹ̀bi ló sún mọ́ ìdọ̀bálẹ̀ jù.

95,000 dọ́là ni gbogbo rẹ̀ já sí ní June 2012. Wọ́n ní kí Kóńgò san án kí August tó parí, bí kò bá san án, kí èlé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún máa gorí rẹ̀. Gínì tún béèrè 500,000 dọ́là fún ìnáwó ẹjọ́. Wọ́n ní kí oníkálùkù ru tirẹ̀.