Oṣù ni wọ́n ń kà báyìí: bí mo ṣe kó ìrírí mi jọ fún PMP

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ogbomoso ni mo wà, mo ti ní digirí, ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń bá kọ́ńtírákítọ̀ ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gba PMP, sẹtifíkéètì àwọn tó ń darí pírójẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìrírí wákàtí 4,500 ni. Mo ṣírò tèmi, ó lé ní 8,000, ṣùgbọ́n mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀, pé wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àbúrò mi, má tẹ̀lé ọ̀rẹ́ ẹ yẹn o. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yẹ tèmi wò, ọdún kan gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi.

Wákàtí 4,500 tí wọ́n sọ fún ẹ, ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni PMI, àjọ tó ń fúnni ní PMP, ti yí i padà sí oṣù: ẹni tó bá ní digirí ọlọ́dún mẹ́rin, oṣù 36 tó ti ń darí pírójẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá jẹ́ ìwé mẹ́wàá ló ní, oṣù 60. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ọdún mẹ́jọ tó ṣẹ́yìn ni wọn ò fẹ́ kó kọjá, àmọ́ wọ́n máa ń tún òfin wọn ṣe, torí náà ka ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà lórí pmi.org kóo tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wákàtí 35 lórí bí a ṣe ń darí pírójẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ìyẹn ò le, ṣáà tọ́jú sẹtifíkéètì ẹ.

Ibi tó ń mú èèyàn ni pé oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń kà á. Bóo bá ń darí pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta pọ̀ nínú oṣù kan náà, oṣù kan ṣoṣo lóo ní. Jẹ́ kí n fi tèmi ṣàlàyé. Mo bójútó kíkọ́ họ́sítẹ̀lì kan ní Ọ́ńdà-Jí láti March 2019 dé February 2020, oṣù 12. A gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù mẹ́ta lọ́nà Ìrẹsà Adú, November 2019 dé April 2020, oṣù 6. A tún ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe ní Òwódé Ọ̀yọ́, September 2020 dé May 2021, oṣù 9. A gbé sólà sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòyí-Ilé, February dé October 2021, oṣù 9. Lẹ́yìn ìyẹn ṣọ́ọ̀bù onílé alájà kan nítòsí Takie, January dé June 2022, oṣù 6. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 42, inú mi dùn.

Àmọ́ bọ́họ̀ọ̀lù yẹn, oṣù mẹ́rin nínú ẹ̀ ló bọ́ sí ìgbà tí họ́sítẹ̀lì ṣì ń lọ lọ́wọ́, torí náà oṣù méjì péré ló fi kún un. Sólà náà, February dé May ti wà nínú ti ilé ẹ̀kọ́, márùn-ún ló ṣẹ́kù níbẹ̀. 12, 2, 9, 5, 6. Oṣù 34 ni gbogbo ẹ̀. Mo fi méjì dín.

Ibí ni mo ti ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe. November àti December 2021, kò sí pírójẹ́ẹ̀tì kankan lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ sáfíìsì jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ńbù omi tí iléeṣẹ́ wa máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà lóṣooṣù ni mo ń ṣe. Mo fún un lórúkọ tó dùn, mo kọ ọ́ bíi pírójẹ́ẹ̀tì olóṣù méjì, ó di 36 géérégé, mo fi ránṣẹ́, wọ́n gbà á. Mo sanwó, kò pẹ́ ni ímeèlì dé pé ọ́díìtì ti mú mi. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí mi o, wọ́n kàn máa ń ṣà lára àwọn tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni. Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún mi láti fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi àti sẹtifíkéètì ẹ̀kọ́ yẹn ránṣẹ́, àti pé kí ẹni tí mo kọ orúkọ ẹ̀ sídìí pírójẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó fọwọ́ sí gbogbo ìyókù, nígbà tó dórí ti jẹnẹrétọ̀ ó dúró. Ó ní, "Èyí ńkọ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí? Ṣé a ò ṣì máa ṣe é lóṣù tó ń bọ̀ ni?" Mi ò lè dá a lóhùn. Kò fọwọ́ sí i, kò sì jẹ̀bi. Fọ́ọ̀mù ti kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò lè yọ ọ́ mọ́, ọ́díìtì ò pé, ni wọ́n bá ní kí n lọ dúró fún ọdún kan kí n tó lè tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Ìbéèrè tí ọ̀gá mi bi mí yẹn ni kí ìwọ náà fi yẹ iṣẹ́ ẹ wò. Pírójẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì ní ohun kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ tó máa fi sílẹ̀. Sáfíìsì oṣooṣù, títa síméńtì, jíjókòó ti sítọ̀, gbogbo ìyẹn iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ wọn kì í kà á. Wákàtí 8,000 tóo ṣírò yẹn, mo lérò pé gbogbo ọjọ́ tóo lọ síbi iṣẹ́ lóo kó sínú ẹ̀. Orúkọ oyè ò ṣe pàtàkì o, kò dìgbà tí wọ́n bá pè ẹ́ ní màníjà, fọ́máànù tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn bíríkìlà, tó ń tọ́jú owó, tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa parí, ó ń darí nìyẹn.

Ti pé o ò kọ nǹkan sílẹ̀, ó ṣeé tún ṣe. Ọdún tí mo fi ń dúró yẹn ni mo fi tún tèmi ṣe. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo fa ìlà sí i, oṣù kan láìnì kan láti 2019, mo wá ń fi àmì sí oṣù tí mo bá rí ẹ̀rí ẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún wa ló sọ ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tí a fi fa kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ ló sọ òpin. Ibi tí kò ti sí lẹ́tà, mo padà sínú Wásáàpù, mo wo ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n já yanrìn, mo wo ọjọ́ tó wà lára fọ́tò, mo wo àlẹ́ẹ̀tì báńkì ọjọ́ tí oníbàárà san owó tó kẹ́yìn. Oṣù tí mi ò bá rí nǹkan kan fún, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Láàárín ìgbà yẹn mo darí iṣẹ́ mìíràn, February dé July 2023, oṣù mẹ́fà tí kò lé mọ́ ìkankan, mo fi kún 34 yẹn, ó di 40.

Nígbà tóo bá fẹ́ kọ àlàyé pírójẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ 200 sí 500 ni, má lọ da ti ẹlòmíì kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ní kẹ́ẹ ṣe, iye àwọn tóo darí, ohun tí ìwọ fúnra ẹ ṣe láti ìgbà tí ẹ ti ń gbèrò ẹ̀ dé ìgbà tí ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́, ibi tó já sí. Lórí sólà Ìkòyí-Ilé, mo kọ ọ́ pé bátìrì pẹ́ kó tó dé, mo sì kọ bí mo ṣe sún wáyà síwájú kí àwọn elétíríkì má baà jókòó lásán. Bóo bá kọ "a ṣe" níbi tó yẹ kóo kọ "mo ṣe", wọn ò ní mọ èwo ni tìẹ nínú ẹ̀.

Kóo tó tẹ ránṣẹ́, gbé ohun tóo kọ fún ẹni tó máa fọwọ́ sí i kó kà á, kó wo déètì ẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá mi rántí pé àárín March ni iṣẹ́ họ́sítẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kìíní, mo sì tún un kọ. Bí ọ̀gá ẹ bá ti kó lọ tàbí tó ti di olóògbé, kò dandan kó jẹ́ òun, oníbàárà tó ni iṣẹ́ tàbí ẹni tẹ́ẹ jọ ṣe é tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n tètè pè wọ́n báyìí kóo gba ímeèlì wọn, torí oníbàárà mi ti Òwódé ti pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i.